Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Kí Olùtọ́nisọ́nà Tó Dìde

Ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa dídá òwò sílẹ̀ kò wọ́n mọ́ ní gúúsù Èkìtì. Ibùdó àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ náà wà ní ìhà Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Èmùré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń lò níbẹ̀. Láti 2012 tí àjọ wọn ti dá ẹ̀ka ìkọ́ṣẹ́-ọwọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn tó mọ iṣẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ náà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí irú ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣe tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà kò gbẹ́yìn. Níbi gbogbo ni olóòtú ètò ti máa ń pe ẹnì kan, nígbà mìíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kó wá fi olùtọ́nisọ́nà han àwọn èrò kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n pè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí òun ló kéré jù lọ lójú àwọn tó ń ṣètò, òun sì ni wọ́n sábà máa ń bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n pè yóò gba ìwé tí akọ̀wé olùtọ́nisọ́nà ti tẹ̀ sílẹ̀, yóò sì máa kà á láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọdún tó wọlé, ọdún tó jáde, ìwé ẹ̀rí, oyè, ẹgbẹ́ tó wà, àmì ẹ̀yẹ tó gbà. Ohun tí à ń pè ní saitéṣọ̀n nìyẹn, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn joyè tàbí dá a lọ́lá, gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló yẹ ká gbọ́, torí òun gan-an la torí rẹ̀ péjọ. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá òwò sílẹ̀, olùtọ́nisọ́nà kọ́ ló ni ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń rán aṣọ ní Èmùré, tó ti ṣọ́ọ̀bù dé ọjọ́ náà, kò ní ohun tó fẹ́ fi ọdún tí ẹni náà jáde ilé ìwé ṣe. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé: kí ni ẹni yìí ti ṣe tó jọ tèmi? Ṣé òótọ́ ló ṣe é? Kí ló yẹ kí n fetí sí nínú ohun tó fẹ́ sọ? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

A kò ní láti lọ jìnnà kí á tó rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, kú ní 1938. Èfọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ìsẹ̀ ló gbé dàgbà, ààfin Arínjalẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Òun ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wẹ́ńbílè, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Nígbà tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òyìnbó ní kí Ògògà tà á, ó ní òun kò tà. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní.

Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀nù Pẹ́ńbátìn. Oríkì náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ dì mú jù nípa ayé rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ kì í ṣe dídùn rẹ̀. Ìyá àgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ ìyìn lásán: ó ń dárúkọ ìlú, ó ń dárúkọ ààfin, ó ń sọ pé bí ẹ bá dé ibi báyìí, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè gbéra lọ wò ó. Àwọn onímọ̀ sì lọ wò ó lóòótọ́. Gbogbo ohun tí à ń wá nínú ìfihàn olùtọ́nisọ́nà ló wà níbẹ̀: iṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ náà wà, àti ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i tó ń jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, ibi iṣẹ́ olùtọ́nisọ́nà ni ìfihàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí akọ̀wé tẹ̀ dúró dìgbà mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹni tí wọ́n yan pè é lórí fóònù, kó bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ wá kí wọn níbi iṣẹ́. Bí ọ̀nà bá jìn, kó béèrè lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò dà bí ká dé ibẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ yin ara wọn. Bí o bá ní, “Mà, kí ni kí n sọ nípa yín?”, èsì tí wàá gbọ́ ni pé, “Sọ ohun tó o bá rí, ọmọ mi.” Ìbéèrè tó ń mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn yàtọ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà àti ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí owó kò wọlé. Bi wọ́n léèrè ohun kan tí wọ́n ń ṣe lónìí tí wọn kì í ṣe nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibi ìbéèrè ìkẹta yìí ni ìtàn tí o ń wá máa ń fara pamọ́ sí.

Kó o tó dìde níbẹ̀, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lé lórí. Owó ni àkọ́kọ́: iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ṣe é sọ bí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pa lóṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbangba. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tí iye ọmọ wọn kò fi gbọ́dọ̀ sí nínú ìfihàn rárá. Àìsàn, ìjà láàárín tọkọtaya, gbèsè tí wọn kò tíì san, gbogbo rẹ̀ di ìgbà tí àwọn fúnra wọn bá yàn láti sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ní kí wọ́n pe orúkọ wọn sí ọ létí, kí o sì pè é padà fún wọn. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí pátákó láìfi àmì sí lè dọ́gba pẹ̀lú orúkọ mìíràn pátápátá, àwọn agùnbánirọ̀ tó ti òkè ọya tàbí ilẹ̀ Ìgbò wá sì máa ń jìyà èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí á pè wọ́n pẹ̀lú: Olóyè, Alhájà, Ìyá Ìjọ tàbí Ẹnjiníà. Obìnrin kan lè joyè kó má fẹ́ kí á dárúkọ oyè náà níbi tí òun ti ń ta ọjà.

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà nílò ìṣọ́ra, pàápàá bí aṣojú ọba bá wà níjókòó. Ògògà ló wà ní Ìkẹ́rẹ́, Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, Elémùré ní Èmùré, Ìkẹ́rẹ́ sì tún ní Olúkẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ ipò òun àti Ògògà ti fa àríyànjiyàn tó pẹ́. Ẹni tó jẹ́ àlejò kò gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ to àwọn orúkọ yìí. Kó béèrè lọ́wọ́ olóòtú ètò tàbí àgbàlagbà ìlú, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olóòtú bá sì ti kí gbogbo wọn tán, gbólóhùn kan ti tó fún ẹni tó dìde tẹ̀ lé e. Mo ti rí ibi tí ìkíni ti gùn ju ọ̀rọ̀ lọ, tí olùtọ́nisọ́nà fi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní Ọ̀rùn ni wọ́n pè kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsẹ̀. A ó pè é ní Màmá Lágbájá. Ẹni tó fẹ́ fi í hàn ti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti rí àwọn tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tó ń rin ín, àti àwọn àpò tí wọ́n ń fún lábẹ́ jáàkì. Nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó gbọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń di gàrí sínú ọ̀rá ní gbàrà tó bá kúrò nínú agbada, torí oníbàárà ń kánjú. Gàrí gbígbóná ń mí oorù. Oorù náà kò rí ọ̀nà jáde nínú ọ̀rá, ó di omi, omi náà padà sínú gàrí, ó sì bu kó tó pẹ́. Odidi ọkọ̀ kan ni wọ́n dá padà. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń tẹ́ gàrí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tutù pátápátá kí wọ́n tó dì í. Báyìí ni ẹni náà ṣe sọ̀rọ̀:

“Aṣojú Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Màmá Lágbájá, ará Ọ̀rùn-Èkìtì, ló fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yìí. Gàrí ni wọ́n ń ṣe. Mo dé ibi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Agbada mẹ́fà ni mo bá lórí iná, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àpò tí wọ́n sì ń dì nígbà tí mo dé, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń kó wọn lọ.

“Èmi ń ta èlùbọ́. Mo rí ẹni tó ń ta ata gígún níbí, mo rí ẹni tó ń ta ṣinṣín. Gbogbo àwa tí a ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá la mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí oníbàárà bá gbé ọjà padà wá. Nígbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, odidi ọkọ̀ gàrí kan ni wọ́n dá padà fún wọn, torí ó ti bu. Wọ́n wá ohun tó fà á títí wọ́n fi rí i. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀, alẹ́ ọjọ́ kan péré ló gbà. N kò ní sọ ọ́, ẹnu wọn ló dáa kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ.

“Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni àṣìṣe náà ti wá, tí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ra ọjà. Wọ́n ti gbà láti dáhùn ìbéèrè fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Wọn kò wá yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀yin ará, Màmá Lágbájá, ẹlẹ́gàrí Ọ̀rùn. Màmá, ẹ bọ́ síwájú, mà.”

Bí a bá kà á sókè láìkánjú, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ìṣẹ́jú tó kù sì wà fún àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín. Ẹ kíyè sí i pé ó dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ìlú òyìnbó máa ń ní kí á fi orúkọ pamọ́ di ìparí, kí àtẹ́wọ́ lè bá a dọ́gba. Níbí yìí, màmá ti jókòó sídìí tábìlì iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì èrò ló mọ̀ wọ́n. Fífi orúkọ wọn pamọ́ dà bí eré lásán, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì lè rò pé o kò mọ̀ wọ́n ni. Pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, kí o pè é ní ìparí nítorí àtẹ́wọ́.

Gbólóhùn tó sọ pé “èmi ń ta èlùbọ́” ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Láìsí i, gàrí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gàrí nìkan, ẹni tó ń rán aṣọ tàbí tó ń tún fóònù ṣe yóò sì máa wo fóònù rẹ̀. Ẹni tó ń fi olùtọ́nisọ́nà hàn dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ní láti fọwọ́ kan ìhà kejì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kó má dúró pẹ́ lórí ara rẹ̀. Gbólóhùn kan ni, ó ti tó. Bó bá di mẹ́rin, àwọn èrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an.

Ẹ tún wò ó pé ó mú wa dé etí ìtàn, ó sì dákẹ́. Ìwà tó ń dun àwọn olùtọ́nisọ́nà jù lọ, bí wọn kò tilẹ̀ ní sọ, ni kí ẹni tó ń fi wọ́n hàn sọ ìtàn wọn tó dára jù tán. Bí ẹni náà bá ti ṣàlàyé oorù, ọ̀rá àti títẹ́ gàrí sílẹ̀, kí ni màmá fẹ́ wá sọ? Wọ́n á dìde, wọ́n á ní “bí ó ṣe ti sọ”, ọ̀rọ̀ wọn á sì rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí o fi lè mọ̀ bóyá o ti kọjá ààlà kò le: bí àwọn tó ń gbọ́ ọ bá ti lè fi ohun tí o sọ tún nǹkan ṣe nílé, o ti gba iṣẹ́ màmá ṣe. Bí wọ́n bá ń fẹ́ mọ̀ ni, o wà lójú ọ̀nà.

Gbólóhùn nípa owó yíyá lè dà bí ohun tó le létí. Mo gbà pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lọ sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń yí olùtọ́nisọ́nà ká lẹ́yìn ètò, tí wọ́n ń tọrọ nọ́ńbà àkáǹtì dípò ìmọ̀ràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fi í hàn ló fà á, torí ó ní “bàbá wa tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan sunkún”, tàbí ó ní “ilé ọlá ti dé”. Ìyìn ni lójú tirẹ̀. Ìlérí ni létí ẹni tó ń wá owó ṣọ́ọ̀bù.

Ìyìn tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ tún ní ewu mìíràn. Ní 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Nàìjíríà kó owó sínú MMM, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ ló fi í hàn wọ́n, yálà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́ tàbí láàárín ẹbí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ti àkáǹtì pa. Àwọn tó dá a sílẹ̀ jìnnà réré, àwọn tó fi í hàn sì wà ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n ń wá lọ sílé. Ẹni tó bá dìde tó ní “ẹ gbọ́ràn sí ẹni yìí lẹ́nu” ti ṣe onígbọ̀wọ́, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Nítorí ìdí yìí ni “mo dé ibi iṣẹ́ wọn” fi wúlò ju “gbajúgbajà oníṣòwò” lọ. Bí wọ́n bá ní kí o fi ẹnì kan hàn tí kò jẹ́ kí o rí ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí kò lè dárúkọ ohun kan pàtó tó ń tà, sọ fún àwọn tó ṣètò kó tó di ọjọ́ náà. Kíkọ̀ iṣẹ́ yìí kì í ṣe àrífín.

Àwọn àléébù kéékèèké wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. “Kò nílò ìfihàn rárá” kò yẹ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ní kó wá fi í hàn. Bí onílù bá wà níbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ ṣáájú kó dúró di ìgbà tí o bá pe orúkọ lẹ́ẹ̀kejì, torí bó bá ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n, àwọn èèyàn yóò dìde náwó, ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ á sì ṣòfò. Bí iná bá lọ, tí gbohùngbohùn kú, rìn bọ́ sí àárín èrò kó o sọ ọ́ tán. Má ṣe dúró de jẹnẹrétọ̀. Olùtọ́nisọ́nà tó kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó ńkọ́? “Wọ́n” ni kí o máa pè é níwájú èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, torí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ló ṣe wá.

Bí o bá sì ti pe orúkọ náà tán, fi ọwọ́ méjèèjì gbé gbohùngbohùn fún wọn, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó bá yẹ, kí o sì lọ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fún un lówó ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ olùtọ́nisọ́nà.